A+ mi máa kú ní oṣù kẹwàá: ṣé kí n jókòó ṣe Security+ nílé ni àbí kí n lọ sí ibùdó?

Àdùnní_Bódìjà (28 oṣù kẹjọ 2025)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Mo gba A+, ìwé ẹ̀rí àtúnṣe kọ̀ǹpútà ti CompTIA, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìyẹn ọjọ́ tí mo yege nínú ìdánwò rẹ̀ kejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn níbí. Security+, ìwé ẹ̀rí wọn lórí ààbò kọ̀ǹpútà, ni mo ń kàwé fún báyìí, ẹ̀dà SY0-701, mo sì ti pinnu pé oṣù kọkànlá ni màá ṣe é, nítorí ìgbà yẹn ni àjọ máa kàn mí.

Ohun mẹ́ta ni mi ò mọ̀. Ṣé kí n ṣe é nílé lórí kọ̀ǹpútà mi, àbí kí n lọ sí ibùdó ìdánwò? Iná àdúgbò wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, ṣùgbọ́n nílé ara mi máa balẹ̀ ju ibòmíì lọ. Èkejì, wọ́n ní ìṣẹ́jú 90 ni, ìbéèrè sì lè tó 90. Báwo lẹ ṣe ń parí ẹ̀? Ẹ̀kẹta, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní A+ mi yóò kú ní oṣù kẹwàá yìí. Èmi rò pé ìwé tí èèyàn bá ti fi làágùn gbà, tirẹ̀ ni títí láé.

Bàbá_Ìkẹjà

Àdùnní, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹ láyà jẹ. A+ kì í kú. Ọdún 2008 ni mo gba tèmi, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní, n kò sì san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn wá. Nílé ni kí o ti ṣe ìdánwò rẹ, kí o tan jẹnẹrétọ̀.

Tùndé_Mérílándì

Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ nípa tiyín, ṣùgbọ́n tiyín kọ́ ni ti Àdùnní. Àwọn tó gba A+, Network+ tàbí Security+ kí ọdún 2011 tó bẹ̀rẹ̀, ìwé tiwọn kì í kú, bẹ́ẹ̀ ni CompTIA fi í sílẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, ọdún mẹ́ta ni gbogbo èyí tí wọ́n bá fúnni ń lò. Àdùnní gba tirẹ̀ ní 2022, nítorí náà ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún yìí ló máa kú, àyàfi bó bá sọ ọ́ dọ̀tun kó tó di ọjọ́ yẹn.

Àbúrò mi Àdùnní, ibi tí mo fẹ́ kí o wò gan-an rèé, torí o fẹ́ ṣe àṣìṣe kan láìmọ̀. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò CompTIA tó ga ju èyí tó ní lọ́wọ́ lọ, ti ìsàlẹ̀ náà á di ọ̀tun láìsan owó ìsọdọ̀tun kankan. Security+ ga ju A+ lọ. Bí o bá yege nínú Security+ kí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá tó pé, o ti sọ A+ dọ̀tun nìyẹn. Bí o bá ṣe é ní oṣù kọkànlá bí o ṣe pinnu, o máa ní Security+ o, ṣùgbọ́n A+ rẹ á ti kú, Security+ kò sì lè jí i. Tí o bá tún wá fẹ́ A+ lẹ́yìn náà, ìdánwò méjèèjì lo máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà tuntun sì ni, 220-1201 àti 220-1202, pẹ̀lú owó méjì.

Torí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ ilé tàbí ibùdó, gbé ọjọ́ ìdánwò rẹ wá sí oṣù kẹsàn-án.

Àdùnní_Bódìjà

Háà! Bọ̀dá Tùndé, ẹ ṣeun gan-an. Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi rí. Oṣù kẹsàn-án kẹ̀? Mo ti ka ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwé mi. Màá lọ bẹ olórí àjọ kí ó gbé mi síwájú.

Kẹ́mi_Àsùrè

Ẹ máa dààmú ara yín lásán. Ìsọdọ̀tun ò le rárá. Oṣù tó kọjá ni mo ṣe tèmi, orí ibùsùn ni mo jókòó sí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí olùṣọ́ ìdánwò, mo ń wo ìwé bí mo ṣe ń dáhùn, mo sì parí kí ọmọ mi tó jí lójú oorun ọ̀sán. Ọdún kan ni wọ́n fi kún un. Àdùnní, wọlé sínú àkántì rẹ, wàá rí i níbẹ̀.

Tùndé_Mérílándì

Àǹtí Kẹ́mi, ṣé ti Microsoft ni?

Kẹ́mi_Àsùrè

Bẹ́ẹ̀ ni, AZ-104. Ṣé kì í ṣe bákan náà ni gbogbo wọn?

Tùndé_Mérílándì

Rárá, mà. Ọ̀nà tí Microsoft ń gbà nìyẹn. Ìwé wọn bíi AZ-104 kì í lò ju ọdún kan lọ, wọ́n sì ń jẹ́ kí èèyàn sọ ọ́ dọ̀tun lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Microsoft Learn láti oṣù mẹ́fà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá kùnà lè tún un ṣe. Àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ wọn bíi AZ-900 ni kì í kú rárá. Ọdún mẹ́ta ni ti CompTIA, kò sì sí ìdánwò ọ̀fẹ́ kankan tí Àdùnní máa rí nínú àkántì rẹ̀. Bó bá lọ jókòó de ìyẹn, ọjọ́ 14 á kọjá lórí ẹ̀.

Kẹ́mi_Àsùrè

Ó yé mi wàyí. Àdùnní, má bínú o. Ti ara mi nìkan ni mo mọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Admin

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé àti ibùdó, torí mo ti ṣe méjèèjì. Nílé ni mo ti ṣe Network+, ibùdó ìdánwò ní Èkó ni mo lọ fún Security+ ní oṣù kejì ọdún yìí.

Ìdánwò kan náà ni, owó kan náà, ìwé kan náà. Pearson VUE ló ń bójú tó méjèèjì. Bí o bá yan ilé, ètò tí wọ́n ń pè ní OnVUE lo máa gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Ní ibùdó, iná, íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà àti ìdákẹ́jẹ́, àwọn ni gbogbo ẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Nílé, ìwọ ni.

Ní ọjọ́ tí mo ṣe tilé, ìdajì wákàtí ṣáájú ni mo wọlé. Wọ́n ní kí n fi fóònù ya ojú mi, kí n ya ìwé ìdánimọ̀ mi, kí n wá ya yàrá náà ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni kí n gbé fóònù sí ibi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Tábìlì gbọ́dọ̀ mọ́ féfé, bébà àti bírò kò gbọdọ̀ sí lórí ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Kò sí ohun ìgbọ́hùn etí. Èèyàn kankan ò gbọdọ̀ wọlé, ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà. Èmi máa ń ka ìbéèrè sí etí ara mi bí mo bá ń ronú, ọdún gbọọrọ ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ kọ̀wé sí mi pé kí n pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Ohun tó wá yí mi lọ́kàn padà ni bébà. Nílé, inú ètò OnVUE ni pátákó ìkọ̀wé wà, asin lo fi máa kọ ọ́. Ní ibùdó, wọ́n fún mi ní pátákó kékeré tó ṣeé nù pẹ̀lú bírò ẹ̀. Fún Network+ tí èèyàn ń ṣírò àdírẹ́ẹ̀sì, ìyàtọ̀ náà pọ̀ lójú mi. Fún Security+ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ṣomólú

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Nílé ni mo ti ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ, mo ti ti ilẹ̀kùn, àgádágodo nìkan ni mi ò fi sí i. Ìbéèrè kẹtàlélógójì ni mo wà tí Kẹ́yìndé ṣílẹ̀kùn, tó ní “Màmá, Táyé gbá mi.” Wọ́n dá ìdánwò náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, òfin ni, mo sì ti kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ò mọ òfin. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, kí ó gba ibùdó lọ.

Bàbá_Ìkẹjà

Ibùdó náà ní wàhálà tirẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó nìkan á jẹ́ kí ẹni tó ti Ìbàdàn bọ̀ pẹ́. Bó bá pẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé, owó náà ti lọ nìyẹn. Mo ṣì rò pé ilé ló dáa, kó kàn ra ínfátà. Gbogbo wàhálà wọn ò ju iná lọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Admin

Bàbá, ẹ jàre lórí ọ̀nà Èkó, ṣùgbọ́n iná nìkan kọ́ o. Iná lọ nígbà tí mo ń ṣe Network+. Láptọ́ọ̀pù mi ní bátìrì, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá ni ò ní bátìrì, ó kú, àwòrán mi sì já kúrò lójú olùṣọ́. Mo gbé íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù náà wà ní ìsàlẹ̀ yàrá níbi tí wọ́n ní kí n gbé e sí, n kò sì lè dìde lọ mú un. Mo jókòó, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iná dé, mo tún ṣí ètò náà, mo dúró de olùṣọ́ mìíràn, wọ́n sì dá mi padà sórí ìbéèrè tí mo wà. Tí iná ò bá tètè dé ńkọ́?

Nítorí náà, ẹni tó bá máa ṣe é nílé ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ó kọ́kọ́ wá bátìrì fún, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. Kí ó sì ṣe àyẹ̀wò OnVUE lórí kọ̀ǹpútà kan náà, nínú yàrá kan náà, ní wákàtí kan náà tí ìdánwò máa bọ́ sí. Àyẹ̀wò aago mẹ́fà àárọ̀ kò sọ ohunkóhun nípa bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa rí ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń wo fíìmù. Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà, ẹ má lò ó. VPN àti ààbò tí wọ́n fi sórí ẹ̀ lè dí ètò náà lọ́wọ́, ẹ ò sì ní àṣẹ láti yọ wọ́n.

Fún Àdùnní, ìmọ̀ràn mi ni ibùdó. Kì í ṣe pé ilé burú. Ẹni tí ọjọ́ ìwé rẹ̀ ń lọ sópin kò ní ààyè ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí á fi máa kọ̀wé ẹ̀sùn, tí á máa dúró de èsì.

Tùndé_Mérílándì

Mo fọwọ́ sí i. Ìbàdàn náà lè ní ibùdó tó ń ṣe é. Kí o lọ sí ojú ewé Pearson VUE, kí o yan SY0-701, kí o kọ àdúgbò rẹ, àwọn tó súnmọ́ ẹ àti àwọn ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ á jáde. Wò ó lónìí, torí ibùdó kékeré kì í ṣí lójoojúmọ́. Bí o bá sì fẹ́ sún ọjọ́ náà, ṣe é kó tó ku wákàtí 24.

Ìyá_Ìbejì_Ṣomólú

Orúkọ ńkọ́ o? Ẹ má gbàgbé orúkọ. Ìwé ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fúnni, tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, tó ní fọ́tò àti ìbuwọ́lùwé. Ìwé ìrìnnà tàbí ìwé àṣẹ awakọ̀ ló dára. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé bébà NIN lọ, kò sí ìbuwọ́lùwé lórí ẹ̀, wọ́n dá a padà. Èmi, orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ìrìnnà mi, orúkọ ọkọ mi ni mo fi ṣí àkántì. Wọ́n ní méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Admin

Òótọ́ ni, mà. Àwa Yorùbá tún máa ń kọ orúkọ ìdílé ṣíwájú, a wá máa ń gbé e sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ tí a sọni. Ẹ wo ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀, kí ẹ tó gba ọjọ́ ìdánwò. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ kàn sí wọn kí wọ́n tún un ṣe. Àárọ̀ ìdánwò ti pẹ́ jù.

Àdùnní_Bódìjà

Mo ti lọ wò ó. Orúkọ mi bára mu. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù: ímeèlì tí mo fi ṣe A+ ní 2022, mi ò lè wọlé sí i mọ́. Àkántì tuntun ni mo ṣí ní oṣù tó kọjá láti fi ra fáọ́ṣà. Ṣé kò burú?

Tùndé_Mérílándì

Ó burú o, ó dáa tí o tètè bi wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan lọ́dọ̀ CompTIA, COMP ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A+ rẹ wà lórí nọ́ńbà àtijọ́. Bí o bá fi nọ́ńbà tuntun ṣe Security+, ojú ẹni méjì ni wọ́n á fi wò ọ́, èyí tó wà lókè ò sì ní mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan nísàlẹ̀ tó yẹ kí òun sọ dọ̀tun. Kọ̀wé sí wọn lónìí, fún wọn ní nọ́ńbà méjèèjì, sọ pé kí wọ́n pa á pọ̀. Mú nọ́ńbà A+ láti ara ìwé ẹ̀rí rẹ. Má ṣe ìdánwò kankan títí wọ́n á fi dáhùn.

Àdùnní_Bódìjà

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin tẹ ti ṣe é, ìṣẹ́jú 90 náà ńkọ́?

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Admin

Bí mo ṣe ṣe tèmi rèé. Ìbéèrè 78 ni wọ́n fún mi, mẹ́rin nínú ẹ̀ jẹ́ PBQ, àwọn tó máa ní kí o ṣe nǹkan lójú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan ní kí n to òfin fáyawọ́ọ̀lù sí ipò tó yẹ, òmíràn kó àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà mélòó kan fún mi pé kí n sọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Àwọn PBQ yìí ló kọ́kọ́ jáde. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn. Wọ́n á jókòó ti méjì àkọ́kọ́ fún ìdajì wákàtí, wọ́n á wá máa sáré nínú ìyókù.

Mo fi àmì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kọjá. CompTIA ń jẹ́ kí èèyàn padà sẹ́yìn, Cisco kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú CCNA wọn. Mo ya ìṣẹ́jú 28 sọ́tọ̀ fún PBQ, méje fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 62 ló kù fún ìbéèrè 74, ìyẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 50 fún ìbéèrè kan. Mi ò lè máa wo aago lórí gbogbo ìbéèrè, nítorí náà ibì kan ṣoṣo ni mo wò ó: nígbà tí mo ṣe ìdajì wọn, aago yẹ kó kù ní bí ìṣẹ́jú 59. Ìṣẹ́jú 56 ló kù. Mo mọ̀ pé mo ń fa ẹsẹ̀, mo yára díẹ̀. Mo padà sórí PBQ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 27.

Má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn, wọn kì í yọ máàkì nítorí àṣìṣe.

Bàbá_Ìkẹjà

Máàkì tí wọ́n ń béèrè ga o. 750 nínú 900. Ìyẹn lé ní 83 nínú ọgọ́rùn-ún. Àdùnní, kàwé dáadáa.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Admin

Bàbá, 100 ni òṣùwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òdo, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ò sì ní ìwọ̀n kan náà. A ò lè yí 750 padà sí iye ìbéèrè tí èèyàn gbà. Mo mọ ẹni tó fi ìṣirò yẹn dẹ́rù ba ara rẹ̀ títí tí kò fi lọ mọ́.

Kẹ́mi_Àsùrè

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè tèmi náà. Bí Àdùnní bá gba Security+, ọdún mẹ́ta sí ìgbà yẹn, kí ló máa ṣe? Ṣé kí ó kàn tún ìdánwò kan náà ṣe ni?

Tùndé_Mérílándì

Kò ní lè tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti yege nínú SY0-701, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó fún SY0-701 mọ́ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀dà tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló lè fi sọ ọ́ dọ̀tun. SY0-701 fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n sì ti SY0-601 pa ní ìparí oṣù keje 2024.

Ibí yìí kàn mí gan-an, torí iṣẹ́ Iléeṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà ni mò ń ṣe lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe, Security+ sì wà lára ohun tó ń gbé mi ró níbẹ̀. Bí ìwé mi bá kú, ipò mi ò ní bófin mu mọ́. Nítorí náà ọ̀nà CEU, ìyẹn máàkì ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú, ni mo gbà. Security+ ń béèrè CEU 50 láàárín ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú dọ́là 50 lọ́dún. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan tó gba wákàtí 40, wákàtí kan sì jẹ́ CEU kan, ogójì nìyẹn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún mi ní mẹ́ta lọ́dún, mẹ́sàn-án ní ọdún mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan, ìpàdé ẹ̀kọ́ wákàtí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi dí i.

Ọdún kejì ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó kéré tán, ìdajì ohun tí ẹ̀kọ́ náà bá kọ́ni gbọ́dọ̀ bá àkóónú ìdánwò mu. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ rẹ, ọjọ́, àti iye wákàtí. Ìwé tó kàn sọ pé “o ṣeun tí o wá” kò wúlò. Àwọn míì ń lo CertMaster CE, ẹ̀kọ́ CompTIA lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bó bá wà fún ẹ̀dà ìwé wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kó gbogbo CEU náà, owó ọdọọdún sì wà nínú iye tí wọ́n tà á. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á ṣe CySA+, ìyẹn á sọ Security+ àti A+ dọ̀tun pọ̀.

Kẹ́mi_Àsùrè

Bọ̀dá, èwo ló dín owó jù?

Tùndé_Mérílándì

Bí ibi iṣẹ́ bá ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ, CEU. Bí kò bá sí ibi iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí èèyàn kúkú fi owó náà ṣe ìdánwò tó ga ju èyí lọ, torí ìyẹn máa ń gbé owó oṣù sókè. Mo rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀. Èmi ò ní lè jókòó ìdánwò mìíràn pẹ̀lú iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe.

Bàbá_Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n bi Àdùnní léèrè ohun kan. Bó bá ti gba Security+, kí ló tún fẹ́ fi A+ ṣe? Àwọn tó máa gbà á síṣẹ́ ààbò ò ní wo ti ìsàlẹ̀. Ṣé ó yẹ kó torí ẹ̀ sáré wọ ìdánwò?

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Admin

Ìbéèrè gidi lèyí, Bàbá. Mo ti ń rò ó. Bí kò bá ní múra tán, kó má sáré. Owó Security+ kan tó bá ṣòfò wúwo ju A+ tó kú lọ.

Àdùnní_Bódìjà (5 oṣù kẹsàn-án)

Bàbá, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ṣì ń jẹ, ilé-ìwé tí mo wà sì kọ A+ sínú ohun tí ẹni tó bá di ipò mi mú gbọ́dọ̀ ní. Mi ò fẹ́ kó kú.

CompTIA dáhùn lánàá, wọ́n ti pa àkántì méjèèjì pọ̀, mo rí A+ mi àti ọjọ́ 14 tí ẹ sọ. Mo ti gba ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ní ibùdó.

Àdùnní_Bódìjà (18 oṣù kẹsàn-án)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. 738. Mo fi àmì sí PBQ bí Bọ̀dá Ẹ̀gbá ṣe sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo padà sórí wọn nígbà tí mi ò tíì ṣe ìdajì. Ìbéèrè mẹ́jọ ló kẹ́yìn tí mo fi ìdáhùn tí mi ò kà dí. Ẹ má bínú, mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ṣomólú

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ gan-an. Jẹun kí o sùn.

Tùndé_Mérílándì

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Nígbà tí o bá jí, wo bébà èsì tí wọ́n fún ẹ. Wọ́n kọ àwọn àkòrí tí o ti ṣàṣìṣe síbẹ̀. Àwọn yẹn nìkan ni kí o kà, má bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti ojú ewé kìn-ín-ní. Láàárín ìgbà kìn-ín-ní àti ìgbà kejì, CompTIA ò ní kí o dúró rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n máa ń ní kó tó ọjọ́ 14. Ọjọ́ 26 ló kù kí A+ rẹ kú. Àǹfààní tí o ní nìyẹn nítorí pé o ò dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Bàbá_Ìkẹjà

Owó kejì ńkọ́? Àjọ ti tán.

Àdùnní_Bódìjà (22 oṣù kẹsàn-án)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yá mi ní èyí tó kù. Àkòrí mọ́kànlá ló wà lórí bébà èsì náà, mẹ́fà nínú wọn jẹ mọ́ bí a ṣe ń fèsì nígbà tí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, mi ò sì kà á dáadáa rárá, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n láti ibi iṣẹ́. Ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ni mo gbà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ibùdó kan náà. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó fún mi ní ọjọ́ márùn-ún kí èsì fi wọ àkántì. Aago ìdáná ilé ni mo fi ń ṣe ìgbáradì, ìbéèrè 74 ní ìṣẹ́jú 62, ní alaalẹ́. Lánàá mo ṣe é ní ìṣẹ́jú 65.